Orúkọ gba gbogbo ojú ìwé, iye owó sá pamọ́: Ìdí tí hándíbíìlì ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ìbàdàn fi ń di ìwé ẹlẹ́pà

Bí aago kan ọ̀sán bá ti lù ní Dùgbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti wá nǹkan fẹ́nu kàn, àwọn ọmọ tó ń pín hándíbíìlì náà yóò ti dúró sójú ọ̀nà. Wọn yóò na ìwé sí èèyàn, onítọ̀hún yóò gbà á láìdúró, yóò wò ó fìrí, yóò sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ìwò fìrí yẹn kò ju ìgbà téèyàn fi ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún lọ. Láàárín àsìkò náà ni ìwé ọ̀hún yóò ti mọ ibi tó ń lọ. Bí ojú bá rí ohun tó kàn án, ìwé wọ àpò. Bí kò bá rí nǹkan kan, ìwé di abẹ̀bẹ̀ nínú máíkírà, tàbí kó di ohun tí ẹlẹ́pà fi ń di ẹ̀pà.

Owó gidi sì ni wọ́n fi tẹ ìwé náà o. Elòmíràn kó àjọ ni, elòmíràn yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Bó bá wá di pé ẹnikẹ́ni kò pè, wọn a ní ọjà ló kú, tàbí pé aráyé ni. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ sójú ìwé náà ló fa wàhálà.

Ẹ wo ìyá kan báyìí, ká máa pè é ní Ìyá Olóúnjẹ, nítorí irú ẹ̀ kò lóǹkà nílùú Ìbàdàn. Ó ń ta àmàlà, ó sì pinnu pé òun yóò máa gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì nínú Dùgbẹ̀. Ó gba Mọ́kọ́lá lọ, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, ó jókòó ti ọmọkùnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà to iṣẹ́.

"Ọmọ mi, gbé fọ́tò mi sókè dáadáa o, èyí tí mo ti wé gèlè yẹn. Kó o sì kọ orúkọ iléeṣẹ́ mi gàdàgbà, kí wọ́n lè mọ̀ pé a kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni."

"Mọ́mì, iye tẹ́ ẹ ń ta oúnjẹ ńkọ́? Ẹ ò fẹ́ ká kọ ọ́ síbẹ̀ ni?"

"Rárá o! Bí wọ́n bá pè, màá sọ fún wọn."

Bí iṣẹ́ ṣe jáde nìyẹn. Ẹsẹ Bíbélì ló wà lókè pátápátá. Orúkọ iléeṣẹ́ tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ bí ọrun, wọ́n fún un ní òjìji. Fọ́tò ìyá gba ìdajì ìwé. Oúnjẹ méjìlélógún wà lábẹ́ ẹ̀, wọ́n tò ó ní ọ̀wọ́ mẹ́ta bí orúkọ ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn náà ni "ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde". Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà tó dà bí èèrà, ni nọ́ńbà fóònù mẹ́ta wà, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra wọn. Iye owó? Kò sí níbì kankan. Ìyá tẹ ẹgbẹ̀rún kan, ó san owó, ọmọ pín in fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn díẹ̀ tó pè, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bèèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni?" Àwọn tó pọ̀ jù kò tilẹ̀ pè rárá, nítorí ẹni tébi ń pa kì í fi owó fóònù wádìí iye oúnjẹ.

TA LẸ ṢE ÌWÉ YÌÍ FÚN?

Nígbà tí ìyá fẹ́ tẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì, bàbá àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló bá pàdé. Bàbá gba hándíbíìlì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó wò ó títí, ó ní: "Ìyá, ta lẹ ṣe ìwé yìí fún?"

"Àwọn oníbàárà ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ṣé orúkọ yín ni wọ́n fẹ́ jẹ ní ọ̀sán ni, àbí àmàlà?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó yẹ. Ẹni tó gba hándíbíìlì kò mọ oníṣòwò náà rí, nítorí náà kò tíì ka orúkọ ẹ̀ sí. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà lọ́kàn ẹ̀, wọ́n sì máa ń tẹ̀ léra wọn ni: Kí ni wọ́n ń tà? Èló ni? Báwo ni mo ṣe lè rí wọn? Bí ìdáhùn bá tò sójú ìwé láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ìbéèrè ṣe tò, ojú yóò máa bọ́ láti orí ọ̀kan sórí èkejì láìwá nǹkan kiri. Bí wọ́n bá fi orúkọ ilé iṣẹ́ síbi tí ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹ kó wà, èèyàn yóò kọ́kọ́ ka ohun tí kò bèèrè, sùúrù ẹ̀ yóò sì ti tán kó tó dé ibi ọjà. Orúkọ náà kò ní sọnù o, ìsàlẹ̀ ni àyè ẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, fún ẹni tó ti pinnu láti rà.

Ọ̀rọ̀ inú ìwé tuntun tí bàbá bá ìyá tò nìyí, láti òkè dé ìsàlẹ̀:

ÀMÀLÀ GBÍGBÓNÁ
DÉ Ọ́FÍÌSÌ YÍN

₦2,500

Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran méjì.
Owó ẹni tó gbé e wá wà nínú ẹ̀.
Fún gbogbo ọ́fíìsì inú Dùgbẹ̀, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ pè kí aago 11 àárọ̀ tó lù:
0800 000 0000

Ìyá Olóúnjẹ, ẹ̀yìn Ilé Àwọn Àgbẹ̀, Dùgbẹ̀

Ó tán. Nínú oúnjẹ méjìlélógún, ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ìyá fẹ́ bínú sí èyí, àmọ́ bàbá ní kó fọkàn balẹ̀: ẹni tó bá pè nítorí àmàlà yóò gbọ́ nípa ìrẹsì lẹ́nu ẹ̀. Iṣẹ́ hándíbíìlì ni kó jẹ́ kí fóònù dún. Bí wọ́n bá kó oúnjẹ méjìlélógún sójú kan, kò sí èyí tí ojú lè dì mú nínú wọn. Ẹni tí ọjà ẹ̀ pọ̀ gan-an lè lo ẹ̀yìn ìwé náà fún ìyókù, kó fi iwájú sílẹ̀ fún ọjà kan tó fẹ́ kí wọ́n mọ òun mọ́.

LẸ́TÀ ŃLÁ, LẸ́TÀ ÀÁRÍN, LẸ́TÀ KÉKERÉ

Ìwé tí wọ́n sábà fi ń ṣe hándíbíìlì ni A5, ìyẹn ìdajì A4 téèyàn fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ó fẹ̀ tó mílímítà 148, ó ga tó 210. Ìwé A4 kan á mú méjì jáde, ìdí nìyẹn tí ríìmù kan, tó jẹ́ ìwé 500, fi ń di ẹgbẹ̀rún kan hándíbíìlì. Ilẹ̀ tí wọ́n ní láti kọ́lé sí kò tóbi, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ yàrá ogún sórí ilẹ̀ kóńkóló, kò ní rí ibi gbà kọjá.

Àwọn atẹ̀wé máa ń fi póìǹtì wọn lẹ́tà, póìǹtì 72 ló wà nínú íǹṣì kan. Ohun tí bàbá ṣe kò le: ìwọ̀n mẹ́ta péré ló lò. Iye owó jẹ́ póìǹtì 72, òun ló tóbi jù. Ọjà àti nọ́ńbà fóònù jẹ́ 36, ìyẹn ìdajì ti owó. Gbogbo àlàyé yòókù, títí kan orúkọ ìyá, jẹ́ 12. Ẹni tó di ìwé náà mú bó ṣe na ọwọ́ ẹ̀ tán ṣì lè ka póìǹtì 12. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ ọ́ di 7 torí kí ọ̀rọ̀ lè gba ibẹ̀, ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún yóò wá dígí kiri.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀? Torí bí wọ́n bá kọ ọjà ní 36, tí wọ́n kọ orúkọ ní 32, tí wọ́n kọ àlàyé ní 28, ojú kò ní mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn. Gbogbo wọn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá dà bí ọjà Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà dúdú kìrìkìrì. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá dúdú kìrìkìrì, kò sí èyí tó yàtọ̀ mọ́.

Àlàfo tún wà níbẹ̀. Ohun tó bá jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ra: iye owó sún mọ́ ọjà, aago tí wọ́n ní láti pè sún mọ́ nọ́ńbà. Kí àlàfo tó wà láàárín ìdìpọ̀ kan sí èkejì sì ju èyí tó wà nínú ìdìpọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kì í fẹ́ rí àlàfo, wọ́n ní àwọn ti sanwó gbogbo ìwé, kí wọ́n kún un. Wọ́n gbàgbé pé funfun tó yí iye owó ká ni kì í jẹ́ kí ohun mìíràn bá a du ojú. Ní etí ìwé pàápàá, kí wọ́n fi mílímítà 10 sílẹ̀ yíká, nítorí abẹ gígé lè yà díẹ̀, kó sì gé nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú fóònù dànù. Bí àwọ̀ tàbí fọ́tò bá ní láti dé etí, kí ó kọjá ibi tí wọ́n máa gé pẹ̀lú mílímítà 3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà funfun yóò yọ létí rẹ̀.

Fọ́tò ńkọ́? Bàbá gbà kí ọ̀kan wà níbẹ̀, ó sì fún un ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin ojú ìwé, lókè. Àmọ́ àwo àmàlà ni, kì í ṣe gèlè. Fọ́tò tó bá ń ta ọjà ń ran ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Kò sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sórí fọ́tò náà, torí lẹ́tà tó bá bọ́ sórí ewédú àti ẹran, ibi tó bá ti dúdú ló máa rì sí.

OWÓ ÀTI NỌ́ŃBÀ

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn oníṣòwò láti kọ iye owó kò kéré, ó sì ní ìdí. Ọjà ń wọ́n sí i, ohun tó jẹ́ 2,500 lónìí lè di nǹkan mìíràn lóṣù tó ń bọ̀, ìwé sì ti tẹ̀ tán. Ojútùú ibẹ̀ ni kí wọ́n tẹ ìwọ̀nba, bí 500 tàbí ẹgbẹ̀rún kan, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí iye náà máa parí sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ ẹgbẹ̀rún márùn-ún torí pé iye ẹyọ kọ̀ọ̀kan dínkù, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, báírò ni yóò máa fi fa owó àtijọ́ nù lójú ìwé. Fún télọ̀ tàbí káfíńtà, tí iṣẹ́ kì í jẹ́ iye kan náà, kí wọ́n mú iṣẹ́ kan tó yé ara ẹ̀, kí wọ́n kọ "láti" síwájú iye rẹ̀. Iye yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ o, kí ẹnì kan lè san án lóòótọ́. Bí wọ́n bá kọ iye kan tí wọ́n wá ń fi owó ọ̀kadà àti owó ike lé e lórí fóònù, ìjà ló ń bọ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi kọ ohun tí 2,500 kó mọ́ra sábẹ́ ẹ̀ gbágbáágbá.

Ní ti nọ́ńbà, ó yẹ kí gbogbo èèyàn rántí pé kó tó di 2001 tí fóònù GSM dé Nàìjíríà, àdírẹ́sì ni hándíbíìlì gbójú lé jù. Lónìí, nọ́ńbà ni ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan ti tó. Mẹ́ta a máa mú kí èèyàn rò pé bóyá èyí kò lọ, ká gbìyànjú ìyẹn, yóò sì jù ú sílẹ̀. Kí ó jẹ́ èyí tó wà lórí WhatsApp náà, tó sì máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó lè gba iṣẹ́. Nọ́ńbà mọ́kànlá tí wọ́n bá so pọ̀ gbọọrọ, ojú a máa fò nínú wọn. Bí wọ́n bá pín in sí mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin, bó ṣe wà lókè yìí, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè gbé e lórí láìwo ìwé lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Àdírẹ́sì Ìbàdàn sì ní bó ṣe ń jẹ́. Nọ́ńbà ilé nìkan kò mú ẹnikẹ́ni débì kankan. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni kí wọ́n fi júwe. Ilé Àwọn Àgbẹ̀, tí àwọn kan mọ̀ sí Kókó Háọ̀sì, ti dúró ní Dùgbẹ̀ láti 1965, kò sì sí awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wà ní Agbówó lè fi géètì Yunifásítì Ìbàdàn júwe, ẹni tó wà ní Chálẹ́ǹjì lè fi ráńdábáòtù júwe. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tó lè kó kúrò lọ́la kò yẹ ní ohun àfijúwe.

ÀWỌ̀ TÓ Ń TANNI JẸ

Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo àwọ̀ ló ń tàn, torí iná wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìwé kò níná. Lẹ́tà yẹ́lò lórí ìwé funfun yóò pòórá. Lẹ́tà pupa lórí àwọ̀ ewé yóò máa gbọ̀n lójú, torí pé bí èyí ṣe dúdú ni tọ̀hún náà ṣe dúdú, ẹni tí ojú ẹ̀ kì í dá pupa àti ewé mọ̀ kò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Dúdú lórí yẹ́lò máa ń hàn láti òkèèrè, bí dánfó Èkó ṣe ń hàn. Dúdú lórí funfun kò sì kú rí. Lẹ́tà funfun tín-ín-rín tí wọ́n kọ sínú dúdú ló tún léwu, pàápàá lórí ìwé tó fẹ́lẹ́, torí íǹkì yóò tàn wọnú lẹ́tà náà, yóò sì dí ihò rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ̀ kó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ kò ná wọn ní nǹkan kan tó pọ̀. Bàbá tẹ ẹyọ kan jáde, ó ní kí wọ́n lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ ní dúdú àti funfun. Ọ̀rọ̀ tó bá rì nínú fọ́tòkọ́pì, àwọ̀ ẹ̀ kò dáa. Lẹ́yìn náà ó ya ìwé náà sórí fóònù, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp. Níbẹ̀, ìwé tó fẹ̀ tó 148 yóò sún kì dé bí ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, lẹ́tà 12 yóò wá dà bíi 5. Bí owó àti nọ́ńbà bá ṣì hàn lójú fóònù, iṣẹ́ ti dáa.

Ìdánwò tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Bàbá pe ọmọ kan tó ń kọjá lọ, tí kò mọ ìyá rí, ó na ìwé sí i, ó ka ení dé àrún, ó gbà á padà. "Kí ni wọ́n ń tà?" "Àmàlà, wọ́n á gbé e wá sí ọ́fíìsì." "Èló?" "Twenti-fáìfù họ́ńdírẹ́dì." "Báwo lo ṣe máa rí wọn?" "Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀, kéèyàn pè kó tó di aago mọ́kànlá." Ọmọ náà kò rántí orúkọ ìyá, ìyá sì wo bàbá bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Bàbá ní: "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun ná. Bó bá dùn, yóò bèèrè orúkọ."

Ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n tó pe nọ́ńbà inú ìwé náà láti fóònù mìíràn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí èyí tí wọ́n tẹ̀ sódì, tí wọ́n sì wo àmì orí lẹ́tà Yorùbá lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé lẹ́tà míì nínú kọ̀ǹpútà a máa gbé àmì ṣubú, "ẹ̀wà" tí wọ́n ń jẹ á sì di "ẹwà" ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ẹ̀rọ máa lọ.

Hándíbíìlì tó dáa kò lè mú kí ọbẹ̀ tó kan dùn, kò sì lè gbé oúnjẹ débẹ̀ lásìkò. Ibi tí agbára ẹ̀ mọ ni ìwò fìrí yẹn, nígbà tí ẹni tó ń kọjá lọ ṣì di ìwé náà mú. Kí ẹni tó bá ń lọ sí Mọ́kọ́lá lọ́sẹ̀ yìí kọ́kọ́ mú báírò, kó kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta náà sórí ìwé pélébé kan. Ohunkóhun tí kò bá sí lórí ìwé pélébé yẹn, lẹ́tà kékeré ni àyè rẹ̀.